Omi Tó Sọ̀ Kalẹ̀ sí Ilé Ìdáná Màmá Ìsàlẹ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, kí aago mẹ́fà tó lù, fóònù mi dún. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Agége ni mo sùn mọ́jú. Ohùn Màmá Ìsàlẹ̀ ni mo gbọ́, wọn kò sì dúró kí n kí wọn tán. "Ọmọ mi, níbo lo wà? Omi ń dà láti ilé rẹ sínú ilé ìdáná mi bí òjò." Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tó bá ti gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rí yóò mọ bí àyà mi ṣe já. Orí wọn ni ilẹ̀ mi. Ohunkóhun tó bá bọ́ lọ́wọ́ mi, orí ẹlòmíràn ló ń balẹ̀ sí.

N kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú, iná ti lọ fún ọjọ́ méjì, táńkì omi ilé wa ní Ìkòròdú sì ti gbẹ. Mo ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná, afẹ́fẹ́ lásán ló tú jáde. Ẹnìkan pè mí láti yàrá, mo lọ dá a lóhùn, n kò sì rántí padà wá ti ẹ̀rọ náà pa. Abọ́ tí mo fi jẹ ẹ̀wà wà nínú sìǹkì, ó dojú bo ihò tí omi ń gbà lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, mo kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, mo gba ilé ẹ̀gbọ́n mi lọ kí n lè rí omi wẹ̀. Iná dé ní òru. Ọmọkùnrin tó ń mójú tó pọ́ǹpù ṣe ojúṣe tirẹ̀, táńkì kún, omi sì ń ṣàn sínú sìǹkì tí kò ní ibi tí yóò gbà jáde, títí ó fi kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Nígbà tí mo dé ilé, Màmá Ìsàlẹ̀ ti gbé korobá mẹ́ta àti agbada ńlá kan sí abẹ́ ibi tí omi ń gbà jò. Àjà ilé ìdáná wọn, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní síílìn, ti wú, ó sì tẹ̀ kodoro bí ikùn ẹran. Kọ́bọ́ọ̀dù ara ògiri ti ní omi lára. Ààbọ̀ àpò gààrí ti di ẹ̀bà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni gílóòbù tó wà láàárín àjà náà: omi ti kún inú rẹ̀ dé ìdajì, iná sì wà nílùú.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Mo bẹ Màmá kí wọ́n jáde kúrò nínú ilé ìdáná náà, mo sì lọ sí ìdí mítà wọn ní ẹ̀yìn ilé níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, mo pa iná ilé wọn láti ìdí. Mo sáré gòkè lọ ti ẹ̀rọ omi, mo sì gbá omi ilẹ̀ mi jáde sí bàràńdà kí ó má baà máa rìn lọ sí ìsàlẹ̀. Omi àti iná kì í dúró de ìkúnlẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dúró láti máa ṣàlàyé nígbà tí omi ń wọ ibi tí wáyà ń gbà kọjá lè fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ṣòfò. A kò sì tan iná náà padà títí tí oníná mànàmáná fi wá ní ọ̀sán, tó tú gílóòbù náà sílẹ̀, tó sì yẹ wáyà rẹ̀ wò.

Láàárín ìgbà náà ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ó ní kí n má jẹ́wọ́ ohunkóhun. "Sọ pé páìpù ló bẹ́. Ilé náà ti gbó. Ta ni yóò lọ wádìí?" Màá parọ́ bí mo bá sọ pé ìmọ̀ràn náà kò wọ̀ mí létí. Owó tí mo ní ní àkókò náà kò ju èyí tí yóò gbé mi dé òpin oṣù lọ. Bí ẹni tó ń kọ̀wé kiri fún ìwé ìròyìn bá jókòó ṣírò owó rẹ̀, ó sábà máa ń dìde ṣáájú kí ìṣirò náà tó parí. Owó ilé mi sì ku oṣù méjì kí ó tó pé. Bí Bàbá Onílé bá bínú, wọ́n lè ní kí n wá ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n mo wo abọ́ tó wà nínú sìǹkì, ó ṣì dojú bolẹ̀ síbẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí mo bá gbé abọ́ yẹn kúrò kí n tó pe ẹnikẹ́ni wá wò ó, irọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ya fọ́tò rẹ̀ bí ó ṣe wà. Mo ya ti ilẹ̀ mi, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ya ti àjà Màmá, ti kọ́bọ́ọ̀dù, ti gààrí.

Lẹ́yìn náà ni mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá Ìsàlẹ̀. Mo sì ṣe àṣìṣe.

Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ má bínú, Mà. Màá san gbogbo ẹ̀." Inú mi ni pé ọ̀rọ̀ yẹn ni yóò tù wọ́n nínú jù. Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, "Ṣé mo bi ọ́ léèrè owó?" Mo dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ ohun tó dùn wọ́n. Owó tí a bá kọ́kọ́ nà síta ṣáájú ẹ̀bẹ̀ dà bí ẹni tó fẹ́ ra ìbínú èèyàn kí ó lè yára máa lọ. Màmá kò tíì sọ ohun tí ojú wọn rí lóru, èmi ti ń ṣírò. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Mà, èmi ni mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Abọ́ mi ló dí ojú ihò sìǹkì. N kò sí nílé láti tì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí." Kò sí "bóyá" nínú rẹ̀, kò sí "iná ló dé láìròtẹ́lẹ̀." Iná máa ń dé láìròtẹ́lẹ̀ lójoojúmọ́ ayé wa, ìdí nìyẹn tí a fi ń ti ẹ̀rọ.

Wọ́n jókòó, wọ́n wá sọ ọ́ fún mi: bí wọ́n ṣe rò pé olè ni nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn omi, bí wọ́n ṣe tẹ omi nínú òkùnkùn tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni wọ́n. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ tán ni wọ́n tó ní, "Dìde. Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Òwe náà tù mí lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tí a bá ní ká sọ òótọ́, agbè ti fọ́ díẹ̀, àjà sì ń bẹ níbẹ̀ tó ń tẹ̀ wálẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó sọ pé èmi ni màá tún un ṣe, tí màá sì ra gààrí mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ mi."

Ó ku Bàbá Onílé. Ọ̀pọ̀ àwa ayálégbé máa ń rò pé bí a bá ti bẹ aládùúgbò tán, tí a sì yára tún nǹkan ṣe kí onílé tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Ilé kì í ṣe ti Màmá, kì í sì í ṣe tèmi. Òfin Ìyálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, sọ pé kí ayálégbé tọ́jú ilé tó ń gbé kí ó wà ní ipò tó dára, àyàfi ohun tó bá gbó nítorí ìlò ojoojúmọ́. Ó sì sọ pé kò gbọdọ̀ ṣe àyípadà sí ilé náà láìgba àṣẹ onílé ní kíkọ sílẹ̀. Ọ̀dà tó ń ṣí lára ògiri lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìlò ló ṣe é. Àjà tí omi sìǹkì mi wó, èmi ni mo ṣe é. Bí mo bá sì mú káfíńtà tèmi wá láti máa tú àjà onílé láìsọ fún wọn, mo ti fi ẹ̀ṣẹ̀ kejì lé àkọ́kọ́.

Mo pè wọ́n ní aago mẹ́jọ, mo sì lọ bá wọn nílé ní ọjọ́ náà gan-an. Mo kúnlẹ̀, mo ṣe àlàyé gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣe fún Màmá, mo fi fọ́tò hàn wọ́n, títí kan ti abọ́ náà. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ó dára tó jẹ́ pé ìwọ lo wá sọ ọ́. Màmá ti pè mí." Ẹ rí i bí ìmọ̀ràn ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ìbá ṣe já sí.

Wọ́n ní àwọn yóò kàn yọ ọ́ nínú owó kọ́ṣọ̀n mi, ìyẹn owó ìdúró tí a ń san nígbà tí a bá ń wọlé, tí onílé yóò dá padà bí a bá ń jáde tí kò sí ohun tó bàjẹ́. Mo rọra bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n tún un ṣe nísinsìnyí. Ìdí mi méjì ni. Àkọ́kọ́, Màmá kò lè máa se oúnjẹ lábẹ́ àjà tó ti tẹ̀ títí di ọjọ́ tí èmi yóò kó jáde. Èkejì, ohun tí a bá fi sílẹ̀ de ọjọ́ ìkẹyìn máa ń wú ju bí ó ṣe wà lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ta ni yóò rántí bóyá bọ́ọ̀dù mẹ́ta ni mo bà jẹ́ ni tàbí mẹ́jọ? Wọ́n gbà, pẹ̀lú àdéhùn pé káfíńtà tí àwọn mọ̀ ni yóò ṣe é, èmi yóò sì san owó rẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Owó jẹ́ tèmi, àṣẹ jẹ́ tiwọn. Mo kàn bẹ̀bẹ̀ kí káfíńtà náà wá sọ iye rẹ̀ lójú gbogbo wa kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró sínú ilé ìdáná Màmá. Nígbà tí káfíńtà sọ bọ́ọ̀dù tó tẹ̀ náà kalẹ̀, a rí ohun tí n kò retí. Dẹ́kìn tó wà láàárín ilé mi àti ti Màmá ní ihò kan tó tóbi ju páìpù tó gba inú rẹ̀ kọjá lọ. Ẹni tó kọ́ ilé náà kò fi sìmẹ́ńtì dí àyíká páìpù náà, ìdí sì nìyẹn tí omi orí ilẹ̀ mi fi rí ọ̀nà tààrà. Yàtọ̀ sí èyí, igi kan tó gbé àjà ró ti jẹrà. Ó dúdú, ó sì ń yọ́ lábẹ́ ìka. Omi òru kan kì í jẹ igi bẹ́ẹ̀. Àbàwọ́n ara bọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ní òbìrí lórí òbìrí, aláwọ̀ ìpáǹpá, bí ìgbà tí tíì bá dànù sórí ìwé lọ́pọ̀ ìgbà. Àbàwọ́n tuntun kì í ní òbìrí púpọ̀. Ó tóbi, ó tutù, awọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni.

Ẹnu yún mi láti sọ pé, "Ẹ wò ó, kì í ṣe ẹ̀bi mi nìkan." Mo gbé e mì. Ẹni tó wá tọrọ àforíjì ní Sátidé kò gbọdọ̀ di agbẹjọ́rò ní Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n n kò tún gbọdọ̀ san owó ohun tí n kò bà jẹ́, torí náà mo béèrè dípò kí n sọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ihò yìí ńkọ́? Bí a bá fi àjà tuntun bò ó, ṣé omi díẹ̀ kò tún ní gba ibẹ̀ bọ̀?" Bàbá Onílé gbé ojú sókè, wọ́n mi orí. Wọ́n ní àwọn ni yóò dí ihò náà, àwọn ni yóò sì pààrọ̀ igi tó jẹrà. Tèmi ni bọ́ọ̀dù mẹ́ta, ìṣó, ọ̀dà, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan tó wú, àti owó iṣẹ́ káfíńtà lórí ìwọ̀nyí.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù náà gba ìṣọ́ra ju bí mo ṣe rò lọ. Ilé náà ti pẹ́, ọ̀pọ̀ àjà ilé àtijọ́ sì ni wọ́n fi asibẹ́sítọ́ọ̀sì ṣe. Fọ́nrán inú rẹ̀ kéré débi pé ojú kò lè rí i, bí èèyàn bá sì ń fà á símú, ó lè fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó le, títí kan jẹjẹrẹ, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ojú lásán kò lè fi dá a mọ̀ yàtọ̀ sí bọ́ọ̀dù tí kò ní in, nítorí náà a ṣe bí ẹni pé ó ní in. Káfíńtà fẹ́ fi òòlù fọ́ ọ kí ó lè yá. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fa ìṣó rẹ̀ yọ kí bọ́ọ̀dù náà sì sọ̀ kalẹ̀ ní odidi. A fi omi wọ́n ibi tó ti gbẹ kí eruku má baà dìde, a fi ìbòmú bo imú, a sì wé àwọn tó ti fọ́ sínú ọ̀rá ilọ́po méjì, a dì í pa. A kò gbá ilẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ gbígbẹ, aṣọ tútù ni a fi nù ún. Káfíńtà rẹ́rìn-ín sí mi. Mo jẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín.

Ó fẹ́ kan bọ́ọ̀dù tuntun kí ó sì kùn ún ní ọjọ́ kejì. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ àtúnṣe ti ń bàjẹ́. Ògiri ẹ̀gbẹ́ àjà náà ti mu omi, bí a bá sì kun ògiri tútù, ọ̀dà náà yóò wú, yóò sì máa bọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Mo gé ọ̀rá funfun kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri náà, mo fi sílẹ̀ mọ́jú. Ní àárọ̀, ìrì ti sẹ̀ sí inú ọ̀rá náà. Ògiri ṣì ń mí omi jáde. A ṣí fèrèsé, a gbé fáànù mi kọjú sí i nígbàkígbà tí iná bá wà. Ọjọ́ kọkànlá ni ọ̀rá náà tó gbẹ fúlẹ́fúlẹ́.

Àbàwọ́n omi tún ní ìwà kan: bí a bá fi ọ̀dà olómi kùn ún tààrà, yóò yọ padà, bó ti wù kí a kùn ún tó. Omi inú ọ̀dà náà ló ń tú u sókè. Torí náà a kọ́kọ́ fi ọ̀dà elépo, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn, bo àbàwọ́n náà, ó gbẹ mọ́jú, a tó wá fi ọ̀dà olómi kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Mo kun odidi ògiri náà láti igun dé igun, kì í ṣe ojú àbàwọ́n nìkan, torí pé àtẹ̀ ọ̀dà tuntun lára ti àtijọ́ máa ń hàn gbangba.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti kọ ìwé kan fún Bàbá Onílé. Mo mọ̀ pé ó lè dà bí àìfọkàntánni láti kọ ìwé sí àgbà tí a ti bẹ̀ lójúkojú, torí náà mo kọ ọ́ bí ìwé ẹ̀bẹ̀, mo sì mú un lọ fún wọn fúnra mi:

"Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ ilé. Mo tún fi ìwé yìí tọrọ àforíjì lórí omi tó dànù láti ilé ìdáná mi, tó sì ba àjà ilé ìdáná Màmá Ìsàlẹ̀ jẹ́. Èmi ni mo gbàgbé ẹ̀rọ ní ṣíṣí. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe jọ sọ, èmi yóò san owó bọ́ọ̀dù mẹ́ta, ìṣó, ọ̀dà, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan àti iṣẹ́ káfíńtà tí ẹ yàn. Ẹ̀yin ní kí n má ṣe yọ ara mi lẹ́nu lórí ihò páìpù àti igi tó jẹrà. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí tí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí pé a ti tún un ṣe, kí a má baà tún yọ ọ́ nínú owó kọ́ṣọ̀n mi. Èmi ọmọ yín, ayálégbé òkè."

Wọ́n kà á, wọ́n ní, "Ìwọ tó ń kọ̀wé yìí." Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀dà gbẹ, tí wọ́n sì fi ọwọ́ pa ògiri náà wò, wọ́n fọwọ́ sí i. Ó wà nínú fáìlì mi pẹ̀lú àwọn rìsíìtì.

Gbogbo rẹ̀ gba owó àpilẹ̀kọ méjì àti ààbọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀wà ni mo jẹ títí oṣù fi parí, nínú abọ́ kan náà. Màmá Ìsàlẹ̀ gba gààrí tí mo rà, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní ti Ìjẹ̀bú ni àwọn máa ń jẹ, kì í ṣe irú èyí. Mo padà lọ sọ́jà. Ní báyìí, nígbàkígbà tí iná bá dé lóru, mo máa ń gbọ́ ohùn wọn láti ìsàlẹ̀: "Àwọn ará òkè, ṣé ẹ ti ti ẹ̀rọ?" Mo máa ń dìde lọ wò ó kí n tó dá wọn lóhùn.